Akọ̀wé sítọ́ọ̀ tó fẹ́ lọ sí ẹ̀ka akáùǹtì: bí ìwé tó kọ sí ọ̀gá rẹ̀ ṣe lọ

Ilé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ wà ní Àgbárá, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Bisikíìtì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kúrò ní ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn, ọwọ́ mi ni ìwé rẹ̀ máa gbà kọjá.

Akọ̀wé kan ló fẹ́ kúrò ní sítọ́ọ̀ ẹrù tó ti parí, ìyẹn ibi tí wọ́n ń to páálí bisikíìtì sí kí ọkọ̀ tó wá kó o. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin tó ti wà níbẹ̀. Òun ló ń gba páálí lọ́wọ́ àwọn ará ilé ẹ̀rọ, òun ló ń kọ ọ́ sí káàdì ẹrù, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, òun náà ló sì ń rí i pé páálí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ tán ló ń kọ́kọ́ jáde. Bó ṣe ń ṣe èyí lọ́sàn-án ló ń kàwé lálẹ́, títí tó fi yege ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìdánwò ATSWA tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, ICAN, ń ṣe. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ìwé jáde lórí pátákó ìkéde pé ẹ̀ka akáùǹtì ń wá ẹni tí yóò máa fi iye ẹrù tó wà nílẹ̀ wé iye tó wà nínú ìwé. Ẹni inú ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ wò, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n sì fún ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i.

Ọ̀gá sítọ́ọ̀ ni gbogbo wa ń pè ní Alájì. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò fẹ́ràn kí nǹkan máa lọ lẹ́yìn òun. Òun ló rí akọ̀wé yìí láàárín àwọn tó ń di páálí lójúmọ́, tó ní ọmọ yìí mọ ìṣirò, tó sì fà á wá sórí àga. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹni tó ṣe ẹ́ lóore ni o fẹ́ lọ sọ fún pé o fẹ́ fi òun sílẹ̀.

Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sórí Wasáàpù, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá òun wò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ Alájì. Bó ṣe kọ ọ́ rèé:

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí mi. Sítọ́ọ̀ ti sú mi, iṣẹ́ ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún èmi nìkan, kò sì sí ìlọsíwájú kankan níbẹ̀. Mo ti bá Màdáámù Akáùǹtì sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà láti mú mi. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, mo mọ ohun tí màá ṣe. Ẹ ṣeun sà.”

Ó tún fẹ́ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mánijà àgbà.

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ sítọ́ọ̀ pọ̀ jù fún un. Akọ̀wé méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, ọ̀kan ti lọ, wọn ò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀sùn, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀bẹ̀ láti lọ sí ẹ̀ka míràn. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé òṣìṣẹ́ kó méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kan. Ẹ̀sùn ni ọ̀gá máa dáhùn: “Ṣé iṣẹ́ ló pọ̀? Ó dáa, màá wá ẹni tí yóò máa ràn ẹ́ lọ́wọ́.” Ó ti rò pé òun ti yanjú ọ̀rọ̀, ẹ̀bẹ̀ gan-an á sì wọlẹ̀ síbẹ̀. Tó o bá tún padà lọ bá a, o di aláìmoore.

Ti Màdáámù Akáùǹtì burú ju ìyẹn lọ. Mo bi í pé kí ni Màdáámù sọ gan-an. Ó ní wọ́n ní kí òun mú fọ́ọ̀mù wá. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbà á. Ìwé òfin ilé iṣẹ́ wa sì sọ ọ́ kedere: ẹni tó bá fẹ́ ṣípò gbọ́dọ̀ ti lo oṣù 12 lórí ipò tó wà, kò gbọ́dọ̀ ní kúèrì tí kò tíì dáhùn, ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kí ẹ̀ka kejì tó pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn lọ béèrè bí iṣẹ́ kan ṣe rí lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀. Àmọ́ tí Alájì bá kà á pé Màdáámù ti gbà, ohun tó máa ṣe ni kó gba ọ́fíìsì Màdáámù lọ, kó lọ bi í ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já òṣìṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ara wọn. Màdáámù náà á ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjèèjì á sì tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí “mo mọ ohun tí màá ṣe”. Òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á padà sí i létí, ó sì pa á rẹ́. Ẹ̀dà ti mánijà àgbà náà, ó yọ ọ́: tí ọ̀rọ̀ bá kọ́kọ́ dé òkè kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹni, ẹjọ́ lọ̀gá máa kà á sí.

Ohun tí kò sí nínú ìwé náà ló wá ṣe pàtàkì jù. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ilé ẹ̀rọ ń kó páálí alẹ́ jáde. Ta ló máa dúró gbà á lọ́jọ́ tí akọ̀wé yìí bá ti kúrò? Ìbéèrè kan ṣoṣo tó máa wà lọ́kàn Alájì nìyẹn látìgbà tó bá ti ka ìlà àkọ́kọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tó kàn án níbẹ̀.

Nǹkan kejì wà tí òun fúnra rẹ̀ kò rò. Ẹni tó ń tẹ ẹrù wọlé fẹ́ di ẹni tó ń yẹ ẹrù wò. Lọ́sẹ̀ tó bá dé akáùǹtì, àkọsílẹ̀ tí wọ́n máa kó fún un ni àwọn èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní sítọ́ọ̀. Ọ́dítọ̀ èyíkéyìí tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa béèrè nípa rẹ̀, torí ẹni tó bá lè gba ẹrù wọlé tó sì tún lè sọ pé iye rẹ̀ pé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ tí nǹkan bá ń lọ lábẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi olè pè é o. Ṣùgbọ́n tí páálí bá dín lọ́jọ́ iwájú, orí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí. Fún ààbò ara rẹ̀, ó yẹ kí ìwé náà ti fún un lésì kí ẹnikẹ́ni tó béèrè.

A gbà pé kò ní fi ìwé ṣíwájú. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn kì í ju ìwé sí ọ̀gá bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti fojú rinjú. Ó dúró di ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ìkẹyìn ti jáde, nígbà tí Alájì ti bọ́ fìlà sílẹ̀ tó ń mu omi. Kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kì í sì í ṣe ìparí oṣù, nígbà tí gbogbo sítọ́ọ̀ máa ń gbóná. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Iṣẹ́ kan ṣí sílẹ̀ ní akáùǹtì, mo fẹ́ gbàyè lọ́wọ́ yín kí n du ú. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Màá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín lọ́la, kẹ́ ẹ lè fara balẹ̀ wò ó.”

Alájì wò ó títí. “Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?”

“Rárá o, sà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ mí ni, mi ò ní wá bá yín níbí.”

Lọ́jọ́ kejì ló fi ímeèlì ránṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ímeèlì ilé iṣẹ́, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé:

“Alájì, ẹ kú iṣẹ́ o.

Bí mo ṣe sọ fún yín lánàá, mo fẹ́ gbàyè lọ́wọ́ yín láti du iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹrù tó ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀ka akáùǹtì. Ọjọ́ 23 oṣù yìí ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù ìkẹyìn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni kí ẹ bá mi buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí mo fi kún ìwé yìí kó tó di ọjọ́ náà, tàbí kí ẹ sọ ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí ẹ tó lè buwọ́ lù ú.

Mo ti parí ATSWA, irú iṣẹ́ yẹn ni mo sì torí rẹ̀ kà á. Lọ́dọ̀ yín ni mo ti mọ bí páálí ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde, ẹni tó bá ti ìta wá kò lè mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ tí mo máa fi sílẹ̀, ọmọ tó ń kọ wébíìlì fún wa ti mọ káàdì ẹrù, ti kọ̀ǹpútà ni kò tíì mọ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ sí i, màá máa kọ́ ọ láti aago méjì sí mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, òun ló máa máa tẹ̀ ẹ́, èmi á kàn dúró tì í.

Mi ò fẹ́ kúrò láìka ẹrù. Mo dábàá pé ká kà á ní ìparí oṣù kẹwàá, kí ọ́dítọ̀ inú ilé wà níbẹ̀, kí èmi àti ẹni tó máa gbà á jọ buwọ́ lu iye tá a bá rí. Lọ́jọ́ tí mo bá kúrò, kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó lè tẹ ẹrù wọlé lórí kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá sì mú mi ní akáùǹtì, màá sọ fún wọn pé kí wọ́n má fún mi ní àkọsílẹ̀ sítọ́ọ̀ wa, ti ìgbà tí mo wà níbẹ̀, láti yẹ̀ wò.

Tí ọjọ́ yìí kò bá bá yín lára mu nítorí kíkà ẹrù òpin ọdún, ẹ sọ èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Tí wọn ò bá mú mi, iṣẹ́ mi lọ́dọ̀ yín ò ní yí padà rárá.

Ẹ ṣeun sà.”

Ọ̀rọ̀ owó oṣù kò sí níbẹ̀, torí Alájì kọ́ ló ń pín in. Oríyìn fún Alájì kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó ti kọ odindi ìpínrọ̀ kan tẹ́lẹ̀ lórí bí Alájì ṣe dà bíi bàbá fún un, mo ní kó lọ sọ ọ́ lójú fún wọn. Tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wọ inú ìwé ẹ̀bẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni ń fi epo pa ẹnu ọ̀gá. Ìlà tó ṣáájú “ẹ ṣeun” ni mo ka sí jù. Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ ọ̀gá láyà ni pé tí wọ́n bá ní “rárá”, òṣìṣẹ́ náà á kàn máa wá síbi iṣẹ́ lásán ni.

Ó di ọjọ́ Ajé, Alájì kò fèsì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò fèsì. Akọ̀wé fẹ́ kọ ìwé míì tó gùn, kó tún ṣàlàyé. Mo ní kó má ṣe é, torí kò sóhun tuntun tó fẹ́ sọ. Ìlà méjì ló fi ránṣẹ́ lọ́jọ́rú: “Alájì, ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ló kù fún fọ́ọ̀mù ìyẹn. Ṣé kí n wá rí yín lẹ́yìn ọkọ̀ ìkẹyìn lónìí?”

Ọ̀dọ̀ mi ni Alájì gbà wá. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan tó ń ṣe òun. Ó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kíkà ẹrù oṣù kejìlá wá, pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí gbogbo páálí wà bí ọmọ yìí. Ó ní ọmọ tó ń kọ wébíìlì ń bẹ̀rù kọ̀ǹpútà. Mo ń gbọ́. Nígbà tó yá ló wá sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ gan-an: “Akọ̀wé méjì ni mo ní. Ọ̀kan lọ, ẹ ò dá a padà fún mi. Tí mo bá tún buwọ́ lu èyí, ẹ̀ẹ́ ní sítọ́ọ̀ lè dá ṣe é láìsí akọ̀wé.”

Òótọ́ ló sọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé àga á bá èèyàn lọ, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ohun tí akọ̀wé kò lè ṣèlérí fún un láé nìyẹn, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ dùn tó. Ọwọ́ ọ́fíìsì wa ló wà. Mo gbé e lọ bá mánijà àgbà, mo sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ pé ipò náà wà síbẹ̀: ọmọ tó ń kọ wébíìlì ló máa bọ́ sórí rẹ̀, wọ́n á sì mú ẹnì kan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ojúmọ́ láti máa kọ wébíìlì. Ìgbà tí ìwé yẹn dé ọwọ́ Alájì ló mú bírò. Ẹni tó bá ń kọ irú ìwé báyìí ní ibi tí wọn kì í ti í tètè fi èèyàn rọ́pò èèyàn, ó dáa kó lọ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ bóyá àga rẹ̀ á wà lẹ́yìn òun, kó tó lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

Alájì ní kó má jẹ́ ìparí oṣù kẹwàá, kó jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá. Ó tún ní kó padà wá bá òun kà á ní òpin ọdún. Màdáámù Akáùǹtì kọ̀ jálẹ̀: ẹni tó bá ti di ará akáùǹtì, ó lè dúró wo àwọn tó ń kà á, kò gbọ́dọ̀ wà lára wọn. Wọ́n fi sí i pé sítọ́ọ̀ ìyẹ̀fun àti ṣúgà ni yóò dúró sí lọ́jọ́ náà, tí Alájì bá sì ní ìbéèrè nípa ti bisikíìtì, kó bi í níṣojú ọ́dítọ̀. Inú Alájì kò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó gbà.

Wọ́n mú un lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Lọ́jọ́ 14 oṣù kọkànlá ni wọ́n ka ẹrù. Páálí bisikíìtì oníwàrà fi 12 dín sí iye tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ènìyàn dákẹ́. Wọ́n mú káàdì ẹrù, iye orí káàdì bá ti ilẹ̀ mu, á jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni kò mọ̀ pé wọ́n ti lọ. Wọ́n tú fáìlì wébíìlì, wọ́n sì rí ọ̀kan tó jẹ́ ti ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ẹtì kan: wọ́n ti kọ ọ́ sórí káàdì, ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, iye bára mu, àwọn mẹ́ta buwọ́ lù ú. Ká ní kò béèrè fún kíkà yẹn, oṣù kejìlá ni wọn ì bá rí i, nígbà tó ti wà lórí àga akáùǹtì.

Ó ku lẹ́tà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì wa mú bátánì lẹ́tà ti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́. Lẹ́tà náà ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ni ó wọ ilé iṣẹ́, ó sì tún fi í sábẹ́ ìdánwò oṣù mẹ́fà. Akọ̀wé kò buwọ́ lù ú. Ó gbé e wá bá mi, ó fìka lé ọjọ́ yẹn, ó ní, “Ọdún mẹ́rin mi dà?” Tó bá buwọ́ lù ú bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti máa ka ìsinmi ọdọọdún àti owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. A tún un kọ: ọjọ́ tó wọṣẹ́ kò yí padà, ìpele rẹ̀ kò yí padà, ọ̀gá tó ń jábọ̀ fún ló yí padà. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà náà, ní abala keje, sọ pé tí àyípadà bá dé bá àdéhùn iṣẹ́ tó ti wà nínú ìwé, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù kan. Iṣẹ́ akọ̀wé sì wà lára àwọn tí òfin náà kàn.

Owó rẹ̀ dín díẹ̀. Owó oṣù gan-an dúró síbi tó wà, àmọ́ àwọn akáùǹtì kì í ṣe iṣẹ́ àṣálẹ́, owó àfikún tó ń gbà fún àárọ̀ kùtù àti alẹ́ ní sítọ́ọ̀ sì lọ. Mo ti sọ fún un kó tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ó mú wébíìlì àtijọ́ kan, ó ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà, ó wò ó, ó ní òun ṣì máa lọ.

Lọ́jọ́ kẹta tó dé akáùǹtì, ó dán kọ̀ǹpútà wò, ó rí i pé òun ṣì lè tẹ ẹrù sítọ́ọ̀ wọlé. Ó ya àwòrán ohun tó rí, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́dítọ̀ àti Alájì. Wọ́n yọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Alájì ń pè é lemọ́lemọ́ títí dé àárín oṣù kejìlá, pàápàá lórí àwọn páálí tí oníbàárà dá padà. Ọmọ tó ń kọ wébíìlì ló máa ń gba fóònù lọ́wọ́ Alájì, tó máa béèrè fúnra rẹ̀, tó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.